Ta Ló Di Kóńgò Mú? Òmìnira Báńkì Àpapọ̀ àti Ọ̀wọ́n Gógó Ọjà

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn alákọ̀wé máa ń sọ lórí rédíò, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi máa ń yí i sí ibòmíràn. Òun ni "òmìnira báńkì àpapọ̀". Àwọn kan ní bí ìjọba bá jáwọ́ lára Báńkì Àpapọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ọ̀wọ́n gógó á rọlẹ̀. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ta ló dìbò fún báńkì tí wọ́n fi máa fún un lómìnira? Nínú ìwé wa tòní, a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n, ká wo ti ọ̀tún, ká wo ti òsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ yìí gan-an la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ojú gbogbo wa ló ṣe.

KÓŃGÒ TÍ WỌ́N LÙ NÍDÌÍ

Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n lù nídìí. Lójú, ó kún dáadáa. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá délé, tó dà á sínú kóńgò tirẹ̀, á rí i pé kò pé. Náírà náà, òṣùwọ̀n ni. Òun la fi ń wọn gàrí, òun la fi ń wọn aṣọ, òun la fi ń wọn owó iṣẹ́ alábàárù. Báńkì Àpapọ̀ ló di òṣùwọ̀n yìí mú fún gbogbo ìlú. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ṣé ó yẹ kí ẹni tó jẹ gbèsè jù lọ nínú ọjà máa pàṣẹ fún ẹni tó di kóńgò mú?

Ìjọba lẹni tó jẹ gbèsè jù lọ yẹn. Oṣooṣù ló ń san owó oṣù, ó ń san owó agbaṣẹ́ṣe, ó ń san èlé lórí ẹ̀yáwó. Nígbà mìíràn, oṣù á parí kí owó epo rọ̀bì àti owó orí tó wọlé. Ìjọba á wá lọ bá Báńkì Àpapọ̀ pé, "Ẹ yá wa lówó ná." Báńkì Àpapọ̀ ò ní láti lọ wá owó yẹn níbì kankan bí tèmi tìrẹ. Kò tilẹ̀ di dandan kó tẹ bébà owó. Ó kàn máa kọ nọ́ńbà sínú àkáǹtì ìjọba ni, owó ti dé. Àwìn yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní wéèsì-áńdì-míìnsì, tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aṣòfin.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà kékeré kan wò ó. Ká ní gbogbo gàrí tó wà lọ́jà náà ò ju 100 kóńgò, gbogbo owó tó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ rà á jẹ́ 100,000 náírà. Kóńgò kan á máa lọ ní 1,000 náírà. Ẹnì kan wá dé, ó fi bírò kọ 100,000 náírà mìíràn sínú ìwé, gbogbo ayé sì gbà á gẹ́gẹ́ bí owó. Ṣé gàrí pọ̀ sí i? Rárá o. 100 kóńgò náà ṣì ni. Owó tó ń lé e ló di 200,000. Kò ní pẹ́ tí kóńgò kan á fi sún mọ́ 2,000 náírà. Ẹni tó kọ́kọ́ gba owó tuntun náà rí gàrí rà ní 1,000, nítorí ọjà ò tíì mọ̀. Ẹni tó fowó rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ alájọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni ìyà já lé lórí. Alájọ ò jí i lówó, owó rẹ̀ pé géérégé, ṣùgbọ́n ohun tí owó náà lè rà ti dín sí ìdajì.

Òótọ́ ni pé ọjà ayé ò rọrùn tó báyìí. Bí ilẹ̀ bá wà tí a ò tíì dá oko sí, tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì dilẹ̀, owó tuntun lè mú kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí gàrí náà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí owó bá ń pọ̀ lọ́dọọdún tí ọjà ò pọ̀ tó o, ibi tí yóò já sí náà nìyẹn.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin tó ń darí rẹ̀ báyìí ni ti ọdún 2007. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé báńkì yìí ní òmìnira láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni gómìnà báńkì náà ń lò, wọ́n sì lè fi ọdún márùn-ún mìíràn kún un. Ààrẹ ló ń yàn án, àwọn aṣòfin àgbà ló ń fọwọ́ sí i. Bí Ààrẹ bá fẹ́ yọ ọ́ láìjẹ́ pé ó ṣàìsàn tàbí pé ó hùwà ọ̀daràn, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i.

Lórí ọ̀rọ̀ àwìn ìjọba, abala 38 òfin náà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2007, fi òdiwọ̀n sí i. Báńkì Àpapọ̀ lè yá ìjọba lówó, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba àpapọ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Ìjọba sì gbọ́dọ̀ san án tán kí ọdún tó parí. Bí kò bá san án, kò gbọdọ̀ rí òmíràn yá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá bá jẹ́ tírílíọ̀nù 4 náírà, ìdá 5 rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 200. Ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ. Ẹni tó bá ní irú òfin yìí, ẹ ò rí i pé ó ti ti kóńgò mọ́ inú àpótí?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àpótí náà ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láàrin ọdún 2015 sí 2023, ìjọba ń yá owó lọ, kò san án, Báńkì Àpapọ̀ sì ń yá a lórí èyí tí kò tíì san. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwìn náà ti lé ní tírílíọ̀nù 22 náírà. Ẹ fi wé bílíọ̀nù 200 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yẹn: ó ju ọgọ́rùn-ún ìlọ́po rẹ̀ lọ. Nínú oṣù yẹn ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ tírílíọ̀nù 22.7 di ẹ̀yáwó gbọọrọ tí ìjọba máa fi 40 ọdún san, ní èlé ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nínú oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n tún fi tírílíọ̀nù 7.3 mìíràn kún un. Ọmọ tí a bí lọ́dún náà á ti máa sún mọ́ ogójì ọdún kí gbèsè yìí tó tán.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé Báńkì Àpapọ̀ ń fi ọwọ́ kan tú ohun tí ọwọ́ kejì ń dì. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022 ló ti ń fi kún èlé ìpìlẹ̀, ìyẹn èlé tí gbogbo báńkì tó kù ń wò kí wọ́n tó dá tiwọn. Ó gbé e láti ìdá 11.5 lọ sí 13, ó sì ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé 18.5 ní oṣù karùn-ún 2023. Ìdí tó fi ń ṣe é ni kí owó lè dín lọ́jà. Ní àkókò kan náà, ó ń kọ owó tuntun fún ìjọba. Àwa tí a fẹ́ yá owó ṣòwò ń san èlé tó ga sí i, ìjọba sì ń gba tirẹ̀ láìwo òdiwọ̀n. Ọ̀wọ́n gógó tó wà ní ìdá 15.6 nínú oṣù kìíní 2022 ti di 21.34 nínú oṣù kejìlá ọdún náà.

Ṣé àwìn yìí nìkan ló fà á? Rárá o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Omíyalé ọdún 2022 gbé oko lọ. Àwọn agbébọn ò jẹ́ kí àgbẹ̀ ó wọ oko. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù nínú oṣù karùn-ún 2023, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n jáwọ́ lára iye tí wọ́n ń pààrọ̀ dọ́là, ni náírà bá já wálẹ̀. Gbogbo ìyẹn ló pọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì dé, ilé tí wọ́n ti ń yọ bíríkì ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó kọ́kọ́ mì. Nínú oṣù kejìlá 2024, ọ̀wọ́n gógó dé ìdá 34.80, ti oúnjẹ nìkan sì lé díẹ̀ ní 39.

Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé ọjà tí ẹnì kan rà ní 10,000 náírà ní oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú, bí ó bá rí bíi ti gbogbo ọjà, ó máa rà á ní nǹkan bí 13,480. Bí nọ́ńbà náà bá wá sọ̀ kalẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọjà wọ́n lè. Ó túmọ̀ sí pé ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí oníbàárà bá ń pariwo mọ́ yín pé rédíò ti ní ọjà ti rọ̀.

ÀWỌN TÓ NÍ KÍ WỌ́N FÚN UN LÓMÌNIRA

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sọ ni pé olóṣèlú ń ka ọjọ́ ìbò, ọjà ò sì mọ ọjọ́ ìbò. Bí wọ́n bá ná owó tuntun lónìí, ìlú á dùn fún oṣù díẹ̀: iṣẹ́ á wà, agbaṣẹ́ṣe á rí owó gbà. Ọ̀wọ́n gógó rẹ̀ lè má dé títí oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ìbò ti kọjá. A kì í fi ìṣọ́ ẹran lé ajá lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó máa jàǹfààní owó tuntun ò yẹ kó jẹ́ ẹni tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́.

Ohun kejì ló kàn wá jù, nítorí àwa gan-an là ń ṣe é. Kò sí ìyá ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń fi iye tó ra ọjà nìkan dá iye tó máa tà. Iye tí yóò fi ra òmíràn ló ń wò. Ká ní o ra àpò ìrẹsì kan ní 60,000, o wá gbọ́ pé ọjà tó ń bọ̀ á di 70,000. O ò jẹ́ tà á ní 62,000, torí owó tó o bá pa ò ní ra àpò mìíràn. Láti òní lọ ni wàá ti máa tà á ní nǹkan bíi 70,000. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀wọ́n gógó ọ̀la ti di ti òní, nítorí a ti ń retí rẹ̀. Awakọ̀ ń ṣe é, onílé ń ṣe é, ọkọ̀ akẹ́rù ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní bí gbogbo ìlú bá gbà pé Báńkì Àpapọ̀ ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni lu kóńgò nídìí, a ò ní máa fi owó ìbẹ̀rù kún ọjà. Ọ̀wọ́n gógó á rọlẹ̀ láìjẹ́ pé èlé ga débi tí òwò á kú. Ìgbàgbọ́ yẹn ló ń jẹ́ òmìnira báńkì, kì í ṣe ilé gíga tó wà ní Àbújá.

Wọ́n máa ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Láàrin oṣù keje ọdún 2019 sí oṣù kẹta 2021, Ààrẹ Erdoğan lé gómìnà báńkì àpapọ̀ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà pé èlé gíga ló ń fa ọ̀wọ́n gógó. Ní ìparí 2021, wọ́n fa èlé wálẹ̀ láti ìdá 19 sí 14 nígbà tí ọjà ń gòkè. Kò ju ọdún kan lọ, ní oṣù kẹwàá 2022, ọ̀wọ́n gógó wọn ti lé ní ìdá 85. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2023, ó yan àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì gbé èlé náà dé ìdá 50 ní oṣù kẹta 2024. Kó tó di pé wọ́n kó aṣọ dé ọ̀dọ̀ Ọmọ́yẹ, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà.

ÀWỌN TÓ NÍ Ẹ RỌRA O

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní: ta ló ń bi báńkì yìí léèrè? Kò sẹ́ni tó gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ bébà 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n fi ìparí oṣù kìíní 2023 ṣe gbèdéke, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Owó àtijọ́ wọlé, owó tuntun ò jáde tó. Ọjà dá páro. A rí ìyá tó ní tòmátò tó ń bàjẹ́ lójú rẹ̀, oníbàárà sì dúró níwájú rẹ̀ tó ní owó ní báńkì tí kò lè gbé e jáde. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ pé kí owó àtijọ́ máa ṣiṣẹ́ títí di ìparí ọdún náà. Lójú wọn, báńkì tó lè ṣe irú èyí, kò yẹ ká fún un lágbára kún agbára. Àwọn tó ń gbèjà òmìnira ní Ààrẹ fọwọ́ sí ètò náà, òfin sì sọ pé kó fọwọ́ sí i, nítorí náà kì í ṣe òmìnira báńkì ló fà á. A rò pé òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Ohun tó dájú ni pé kò sẹ́ni tó wá bi ọjà léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tí wọ́n sọ ni pé èlé lohun èlò tí báńkì àpapọ̀ gbójú lé jù, ó sì ń dun tálákà ju olówó lọ. Nígbà tí èlé ìpìlẹ̀ dé ìdá 27.50 ní oṣù kọkànlá 2024, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ní báńkì á bá ìdá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ pàdé. Ẹ ṣírò rẹ̀: lórí 500,000 náírà, ìdá 30 jẹ́ 150,000 lọ́dún, kó tó di pé ẹ san owó ṣọ́ọ̀bù. Èlé yìí ò sì lè lé agbébọn kúrò lóko, kò lè tún ọ̀nà ṣe, kò lè fa omíyalé sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé iṣu tí kò tó ló sọ iṣu di ọ̀wọ́n, gbígbé èlé ga ò ní mú iṣu hù. Ó kàn máa dín agbára ẹni tó fẹ́ rà á kù ni.

Ohun kẹta ni pé ìgbà mìíràn wà tí ìjọba àti báńkì ní láti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, bíi nígbà àrùn kòrónà ní 2020, tí owó epo já wálẹ̀, tí wọ́n sì ti ọjà pa. Báńkì tó bá kọ̀ pátápátá nírú àkókò yẹn lè pa ìlú mọ́ inú òfin.

ṢÉ ÒFIN NÁÀ NÍ Ń DÍN Ọ̀WỌ́N GÓGÓ KÙ?

Àwọn onímọ̀ ti wádìí èyí. Ní ọdún 1993, Alberto Alesina àti Lawrence Summers wo àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Wọ́n rí i pé níbi tí báńkì àpapọ̀ ti ní òmìnira jù, bíi Jámánì àti Switzerland, ibẹ̀ ni ọ̀wọ́n gógó ti kéré jù, iṣẹ́ àti ọrọ̀ ìlú wọn ò sì tìtorí ẹ̀ burú ju ti àwọn tó kù lọ. Ìwádìí yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú fi ń yí òfin wọn padà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Ní 1992, Alex Cukierman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa náà. Wọ́n rí i pé lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí òfin kọ sínú ìwé ò sọ nǹkan kan nípa ọ̀wọ́n gógó. Ohun tó sọ ọ́ ni iye ìgbà tí wọ́n ń lé gómìnà báńkì. Níbi tí gómìnà ò ti ń pẹ́ lórí àga, ibẹ̀ ni ọjà ti ń wọ́n. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Adam Posen tún sọ pé ó lè jẹ́ pé àwọn ará ìlú tó kórìíra ọ̀wọ́n gógó ló ń ti báńkì wọn lẹ́yìn. Àtìlẹ́yìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́, òfin kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Ìtàn tiwa fara mọ́ èyí. Ẹ̀yin àgbà tó wà lọ́jà nígbà ìjọba ológun á rántí ọdún 1995, tí ọ̀wọ́n gógó lé ní ìdá 70. Ní ọdún 1997, ìjọba ológun ṣe òfin tó fi Báńkì Àpapọ̀ sábẹ́ ilé iṣẹ́ ìṣúná. Òmìnira rẹ̀ dín kù. Bí òfin nìkan bá ni, ọjà ì bá ti bú gbàmù. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ni ọ̀wọ́n gógó wá sábẹ́ ìdá 10, nítorí pé ìjọba ti dín àìtó owó rẹ̀ kù láti ọdún méjì ṣáájú. Ẹ wá fi wé ẹ̀yìn 2015: òfin 2007 ń sọ òmìnira, àwìn sì dé tírílíọ̀nù 22. Ó hàn gbangba pé owó tí ìjọba ń yá ni igi náà, òfin kàn jẹ́ ọgbà tí wọ́n fi yí i ká. Ọgbà dára, àmọ́ ẹran tó bá mọ ojú ihò á gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn tó ń ná ọjà Kùtọnu àti Lomé mọ irú ọgbà mìíràn. Báńkì àpapọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún Bẹ̀nẹ̀, Tógò àtàwọn ìlú mẹ́fà mìíràn tó ń ná owó sẹfá. Òfin rẹ̀ ò gbà kó yá ìjọba kankan lówó tààrà, wọ́n sì so sẹfá mọ́ owó yúrò ní 655.957 sí yúrò kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀wọ́n gógó Bẹ̀nẹ̀ ò ju ìdá 4 lọ. Ìyẹn dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ló ń bínú pé báńkì tó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba tiwọn ti há sọ́wọ́ ti Faransé. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye sẹfá sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjà tó ń ti òkèèrè wá sì gbówó lórí kíákíá.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní Báńkì Àpapọ̀ wa ti dòmìnira, ohun mẹ́ta ni ká máa wò, ká má wo ẹnu.

Èkíní, ẹ wo àwìn ìjọba. Báńkì Àpapọ̀ máa ń gbé iye rẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí Yemi Cardoso tó di gómìnà báńkì náà ní oṣù kẹsàn-án 2023 dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà ní oṣù kejì 2024, ó ní àwọn ò ní yá ìjọba ní irú owó yẹn mọ́ títí ó fi máa san ti tẹ́lẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé dì mú. Bí àwìn náà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tàbí tí ẹnì kan bá ní kí wọ́n fẹ òdiwọ̀n ìdá 5 yẹn lójú, ká mọ̀ pé ọwọ́ ti tún fẹ́ kan ìdí kóńgò.

Èkejì, ẹ wo bí gómìnà ṣe ń kúrò. Ní oṣù kejì 2014, Ààrẹ Jonathan dá Sanusi Lamido Sanusi dúró nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí sáà rẹ̀ parí, lẹ́yìn tó ti pariwo pé owó epo kan ò wọ àpò ìjọba. Ní oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Tinubu dá Godwin Emefiele dúró. Òfin ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àgbà fọwọ́ sí yíyọ; wọ́n pè é ní "dídá dúró", wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ òfin kọjá. Kò di dandan kí gómìnà jẹ́ ẹni mímọ́ kí èyí tó kàn wá. Gómìnà tó bá mọ̀ pé wọ́n lè dá òun dúró lọ́la, ṣé ó lè sọ "rárá" lónìí? Gómìnà náà sì ní láti dúró ní tirẹ̀: ní 2022, a gbọ́ orúkọ gómìnà tó wà lórí àga láàrin àwọn tí wọ́n ní ó fẹ́ du ipò Ààrẹ. Ẹni tó di òṣùwọ̀n mú ò gbọdọ̀ tún máa du ìtẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo bóyá báńkì ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Láwọn ọdún tó tẹ̀ lé 2015, ó pín ẹ̀yáwó fún àgbẹ̀ àti onílé iṣẹ́ lóríṣiríṣi. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n owó tuntun nìyẹn náà, kò sì gba iwájú àwọn aṣòfin nínú ètò ìṣúná. Bí ìlú bá fẹ́ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, inú ètò ìṣúná ni kó ti wá, kí gbogbo wa lè rí iye tó jẹ́ àti ẹni tó gbà á.

Ní ti nọ́ńbà, ẹ ṣọ́ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò ọ̀wọ́n gógó padà, ó sì bọ́ sí ìdá 24.48 fún oṣù kìíní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó ti wà ní 18.02, Báńkì Àpapọ̀ sì fa èlé ìpìlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí 27. Ti 2025 yìí ò ṣeé fi wé 34.80 ti 2024 tààrà, torí kóńgò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n.

Níbi tí a fì sí rèé. Òmìnira báńkì ń ṣèrànwọ́ bí ìjọba bá ti gbà láti má ṣe ná ju owó tó ń wọlé lọ. Níbi tí kò bá ti gbà, òfin á kàn jókòó sínú ìwé ni. Òmìnira ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ jẹ́ àìdáhùn. Kí báńkì máa wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin, kó sì kéde ohun tó bá fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwọn olóṣèlú bá tún wá ń tọrọ ìbò lábẹ́ búkà wa, tí wọ́n ń ṣèlérí owó iyọ̀ àti owó ìrànwọ́ fún ìyá ọlọ́jà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ká fi dá wọn dúró: "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ wa. Níbo lowó náà á ti wá: ṣé láti inú owó orí ni, àbí láti ẹnu bírò Báńkì Àpapọ̀?"